Aṣọ mẹ́wàá fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àkọ́kọ́: láti ọjọ́ ìfọṣọ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ọ́fíìsì àkọ́kọ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí n wọlé. Mo fẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ mi má ju bíi mẹ́wàá lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ohun tí mo ní báyìí ni ṣòkòtò dúdú méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, búláòsì olódòdó kan tí mo fẹ́ràn gan-an, àti gáùn aláwọ̀ ewé kan. Mo rò pé kí n kúkú máa ra dúdú nìkan kí n má baà ṣe àṣìṣe. Sátidé nìkan ni mo ń ráyè fọṣọ. Ṣé bàtà wà nínú mẹ́wàá náà? Ṣé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò sì ní máa sọ pé aṣọ kan náà ni mo ń wọ̀ lójoojúmọ́?"

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí ó dà bí ẹni pé o kàn fẹnu bà á kọjá ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ló wúwo jù níbẹ̀: Sátidé nìkan ni o ń ráyè fọṣọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rán aṣọ iṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tí mo ń rán an fún ló sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni wọ́n máa ń bá mi sọ, tàbí ti aṣọ kan tí wọ́n rí lára ẹlòmíràn. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wọ́n tún padà wá, ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Wọn yóò ní kọ́bọ́ọ̀dù àwọn kún, síbẹ̀ bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, àwọn kì í rí ohun mímọ́ wọ̀. Òótọ́ ni pé kọ́bọ́ọ̀dù náà kún, ṣùgbọ́n irú aṣọ tó yẹ kó pọ̀ ló kéré nínú rẹ̀, irú èyí tó yẹ kó kéré ló sì gba àyè.

Bí a bá fi ojú ìfọṣọ wò ó, ọ̀nà méjì ni aṣọ iṣẹ́ pín sí. Ọ̀kan ni èyí tó ń kan awọ ara lọ́rùn àti lábíyá, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀tì àti búláòsì. Òógùn àti ọ̀rá ara ń wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ti wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń wọ̀ ọ́ kí a tó fọ̀ ọ́. Èkejì ni ṣòkòtò àti síkẹ́ẹ̀tì, tí a lè wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó kan omi, bí nǹkan kò bá ti dà sí wọn lára tí òógùn kò sì mu wọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì àti atẹ́gùn ni ó nílò lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí fífọ̀ lemọ́lemọ́ ni ó ń tètè ba ìdúró rẹ̀ jẹ́. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín ìfọṣọ kan sí òmíràn ni iye aṣọ òkè, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀tì àti búláòsì, tí o gbọ́dọ̀ ní, àwọ̀ yòówù kó jẹ́. Tìrẹ jẹ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ń ráyè fọṣọ ní alẹ́ Ọjọ́rú pẹ̀lú lè fi mẹ́ta ṣe é, kò sì ní sí ìṣòro. Ìwọ kò lè fi mẹ́ta ṣe é, bí o bá sì gbìyànjú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tí o ti wọ̀ ní Ọjọ́ Ajé ni wàá tún máa gbé kọ́rùn ní Ọjọ́bọ̀.

Bí márùn-ún bá ti lọ sí òkè, márùn-ún ló kù, ọ̀nà tí mo sì fẹ́ràn láti pín in ni pé kí mẹ́ta jẹ́ ti ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan yòókù jẹ́ gáùn. Jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọ kí o lè rí ìdí rẹ̀. Aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ papọ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Bí gbogbo ti òkè bá bá gbogbo ti ìsàlẹ̀ mu, márùn-ún lọ́nà mẹ́ta yóò fún ọ ní ìmúra 15. Bí o bá fi mẹ́jọ náà ra òkè mẹ́fà àti ìsàlẹ̀ méjì, 12 ni wàá rí. Bí o bá ra òkè méje àti ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, méje péré ni. Òkè mẹ́rin àti ìsàlẹ̀ mẹ́rin yóò fún ọ ní 16, ó fi ọ̀kan ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ilé ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí márùn-ún àti mẹ́ta. Jákẹ́ẹ̀tì sọ 15 náà di 30, nítorí ìmúra kọ̀ọ̀kan ni o lè wọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tàbí láìsí i, gáùn náà sì fi méjì kún un lọ́nà kan náà.

Má ṣe jẹ́ kí 32 yìí tàn ọ́ jẹ, nítorí pé ó dúró lórí "bí" kan ṣoṣo: bí gbogbo òkè bá bá gbogbo ìsàlẹ̀ mu. Búláòsì kan tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ kan péré ló bá mu ti gba ìmúra mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kan tó jẹ́ pé òkè méjì péré ló gbà á ti gba mẹ́fà. Nítorí náà, a kì í yan aṣọ inú àpótí kékeré irú tìrẹ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ohun tó wù ú. Ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni a ń kọ́kọ́ dì mú, kí a tó wá máa gbé òkè kọ̀ọ̀kan síwájú wọn wò. Èyí tí kò bá gba gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ti wù kó rẹwà tó, aṣọ òde ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀wẹ̀, mẹ́wàá gan-an kì í ṣe òfin. Aṣọ méje ni Donna Karan, aránṣọ ará Amẹ́ríkà, fi ṣe ìpìlẹ̀ nígbà tó gbé àkójọ tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1985, ó sì ń tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lè máa so pọ̀ mọ́ra wọn. Bí tìrẹ bá di mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ dúdú. Mo mọ ohun tí ó mú un wá sí ọ lọ́kàn, nítorí ó jọ pé dúdú àti dúdú kò lè jà. Wọ́n ń jà gan-an. Aró dúdú kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n pa mọ́ òwú lára lè ní pupa díẹ̀ nínú, èyí tí wọ́n pa mọ́ pólísítà lára lè ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù díẹ̀ nínú. Lábẹ́ iná ilé ìtajà, ojú kì í rí i, àfi bí a bá jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni jákẹ́ẹ̀tì dúdú àti ṣòkòtò dúdú yóò wá hàn gẹ́gẹ́ bí aṣọ méjì tí a fẹ́ fi jọ ọ̀kan, tí kò sì jọ. Lẹ́yìn ìfọ̀ bíi mẹ́wàá, ó tún burú sí i, nítorí dúdú ara òwú a máa ṣí kíákíá ju ti pólísítà lọ. Gbé ṣòkòtò rẹ méjèèjì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kí o tẹ́ wọn léra, ó ṣeé ṣe kí o rí ohun tí mo ń sọ lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ṣe àkíyèsí pé èyí kò sọ àwọn ṣòkòtò rẹ di aláìwúlò, nítorí o kò ní wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Dúdú kan lórí ara kò ní ohun tó máa bá jà. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí o ń gbèrò láti rà ni ì bá dá ìjà náà sílẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o yan èyí tó sàn jù nínú ṣòkòtò méjèèjì kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìsàlẹ̀ mẹ́ta rẹ. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó sàn jù, ojú ibi tí a fi ń jókòó àti àárín itan ni kí o wò. Ibi ìjókòó tó ti ń dán kò ṣeé tún ṣe mọ́ ní tòótọ́. Bí o bá na àárín itan sí ìmọ́lẹ̀ tí o sì rí i pé aṣọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ti orúnkún lọ, oṣù díẹ̀ ló kù fún un. Èkejì lè dúró nílé fún ọjọ́ tí nǹkan bá dà sí ti àkọ́kọ́ lára, ṣùgbọ́n má kà á mọ́ mẹ́wàá.

Fún jákẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ eérú tó ṣú ni màá yàn fún ọ, kì í ṣe àwọ̀ aró, ìyẹn búlúù tó ṣú. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan nílẹ̀ ni màá sọ fún pé kó mú aró, nítorí ó yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwọ ní ṣòkòtò dúdú nílẹ̀, aró tó ṣú lórí dúdú sì máa ń dà bí ẹni pé a múra nínú òkùnkùn, nígbà tí eérú lórí dúdú ń hàn gbangba pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìsàlẹ̀ méjì tó kù, ìyẹn ṣòkòtò kan àti síkẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n jẹ́ aṣọ kan náà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fẹ́ rán wọn, ọjọ́ kan náà ni kí o ra aṣọ gbogbo wọn, láti ara ìdì kan náà. Ìdì méjì tí ó ní orúkọ àwọ̀ kan náà lè má wá láti inú aró kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì máa ń hàn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ìsàlẹ̀ méjì fún jákẹ́ẹ̀tì kan ni pé ìsàlẹ̀ ló ń gbó. Òun ni a fi ń jókòó lórí àga, jákẹ́ẹ̀tì sì ń sinmi lẹ́yìn àga fún ìdajì ọjọ́. Mo ti rí jákẹ́ẹ̀tì tó dára púpọ̀ tó di aláìníkejì nítorí pé ṣòkòtò kan ṣoṣo tó bá a wá ti ya. Bí ẹ̀ka aṣọ náà kan bá sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ, kí wọ́n lè jọ máa ṣí bọ́ọ̀bọ̀.

Aṣọ òkè márùn-ún náà ti wá rọrùn báyìí. Funfun tí o ní ni ọ̀kan. Fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àwọ̀ kírímù kan kún un, kí o wá fi ọ̀kan tó ní àwọ̀ tó jinlẹ̀ kún un, bíi àwọ̀ wáìnì, nítorí gbogbo wọn ló ń jókòó dáadáa lórí eérú àti lórí dúdú. Ó ku búláòsì olódòdó rẹ. Má ṣe wo òdòdó ara rẹ̀, ilẹ̀ aṣọ náà ni kí o wò, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n ya òdòdó náà lé. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ funfun, kírímù, dúdú tàbí eérú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò gba ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o jẹ́ kó wọlé. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ búráùn tàbí aró, yóò máa bá wọn fa wàhálà, inú mi ì bá sì dùn bí o bá lè jẹ́ kó wà fún òpin ọ̀sẹ̀, kí o fi èyí tó ní ìlà tínrín rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ nípa ohun tí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò máa sọ wá láti ibi kan náà. Ohun tí mo ti rí ni pé òkè ni ojú ènìyàn ń dì mú, nítorí òun ló wà nítòsí ojú tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àti pé ohun tó ní àrà ni wọ́n ń rántí. Ṣòkòtò eérú kò ní ohun tí a fi ń rántí rẹ̀. O lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú òkè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì kíyè sí i. Òdòdó ni wọn yóò rántí, nítorí náà má ṣe wọ búláòsì yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù àkọ́kọ́, kí Sátidé kan wà tí kò ní sí nínú ohun tí o fọ̀, kí o sì fi gáùn dí ọjọ́ rẹ̀. Èmi kò ní sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹni tó bá lójú aṣọ yóò mọ̀ pé mẹ́wàá ni. Ohun tí ń mú kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn, nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi, ni kọ́là tó dọ̀tí, bọ́tìnnì tó já, àti aṣọ tí a kò lọ̀.

Nítorí pé aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ púpọ̀, o gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí o tó sanwó. Ka lébẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ fún ohun tí wọ́n fi hun ún. Fún ṣẹ́ẹ̀tì, òwú tàbí èyí tí òwú pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, nítorí pólísítà pátápátá kì í gba òógùn sára, ó sì máa ń fa òórùn mọ́ra lábíyá débi pé ọṣẹ kò ní ràn án mọ́. Òótọ́ ni pé òwú ń rún, wàá sì máa lọ̀ ọ́. Bí ìyẹn bá ni ọ́ lára, èyí tí pólísítà dà mọ́ òwú nínú rẹ̀ jẹ́ àdéhùn tó dára. Fún jákẹ́ẹ̀tì àti ìsàlẹ̀, irun àgùntàn ni ó ń dúró jù, nítorí ó máa ń na ara rẹ̀ padà lóru bí a bá fi kọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, èyí tí wọ́n pò mọ́ pólísítà sì ń ṣe dáadáa. Di igun aṣọ náà mú nínú ìkúùkù fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí o tú u. Bí àwọn ìlà tó rún náà kò bá tú ká lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ yóò ṣe rí kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ẹni tí kì í ṣe aránṣọ. Inú kọ́là àti iwájú jákẹ́ẹ̀tì ní aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi iná áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè dúró ṣinṣin, tí àwa aránṣọ ń pè ní gọ́ọ̀mù. Bí kò bá lẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan, iwájú jákẹ́ẹ̀tì yóò yọ ròrò kéékèèké bí awọ tí omi gbóná ta sí, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè mú un padà bọ̀ sípò. Fi ìka fún iwájú jákẹ́ẹ̀tì náà, kí o fa aṣọ òde sọ́tọ̀ kúrò lára ti inú. Bí ojú òde bá ti ń gbéra kúrò lára gọ́ọ̀mù níbì kan nígbà tí aṣọ ṣì wà ní tuntun, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti bí yóò ṣe bá ara mu, èjìká ni kí o fi ṣe onídàájọ́. Ojú rírán èjìká gbọ́dọ̀ parí síbi tí egungun èjìká rẹ ti parí. Gígùn apá, gígùn ẹsẹ̀, ìbàdí àti ẹ̀gbẹ́, gbogbo èyí ni aránṣọ lè tún ṣe láàárín ọjọ́ kan. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan gbé jákẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ lójú èjìká wá fún mi, mo sì gbà pé màá dín in kù. Mo tú apá rẹ̀ méjèèjì, mo gé èjìká, mo tún apá náà rán padà, ṣùgbọ́n ihò apá ti yí padà, apá náà kò sì bọ́ sílẹ̀ ní títọ́ mọ́. Kò lè na ọwọ́ síwájú láìjẹ́ pé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ fà. Mo san owó jákẹ́ẹ̀tì náà fún un, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń sọ fún ènìyàn pé bí èjìká kò bá ti bá ọ mu, má rà á. Fún ìsàlẹ̀, ibi tó tóbi jù lára rẹ ni kí o rà á bá, kí a wá dín ibi yòókù kù. Jókòó nínú rẹ̀ kí o tó sanwó. Bí àpò ẹ̀gbẹ́ bá la ẹnu sílẹ̀, ìdí rẹ̀ há. Bí ìlà bá ń fà kọjá itan láti ọ̀tún sí òsì, itan há. Yí inú rẹ̀ síta pẹ̀lú, kí o wo iye aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ojú rírán. Bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì lẹ́yìn ìbàdí, a ṣì lè tú u bí ara rẹ bá fẹ̀ sí i, nítorí jíjókòó láti àárọ̀ dé alẹ́ máa ń yí ara àwọn kan padà ní ọdún àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ kí o má ṣe ra gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. O ti ní ṣòkòtò dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gáùn, àti bóyá búláòsì náà. Ra jákẹ́ẹ̀tì eérú, ṣòkòtò tó bá a mu, àti ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kírímù àti àwọ̀ wáìnì. Èyí mú ọ wọ inú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láìsí ìdààmú. Aṣọ síkẹ́ẹ̀tì náà, rà á pẹ̀lú ti jákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n jẹ́ kó dúró láìgé. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, wo ohun tí àwọn tó wà ní ipò kan náà pẹ̀lú rẹ ń wọ̀, pàápàá ní ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé jákẹ́ẹ̀tì kì í jáde níbẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí pé iṣẹ́ rẹ ń mú ọ gun àkàbà, tí ìwọ yóò fi rí i pé ṣòkòtò kẹta ló yẹ kí aṣọ tó dúró náà dà. Ibi tí ìmọ̀ mi dé nìyẹn, nítorí n kò rí ọ́fíìsì rẹ. Bí ìlànà aṣọ bá wà ní kíkọ, béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fún ọ ní lẹ́tà iṣẹ́ kí o tó náwó kankan, nítorí òun ló borí gbogbo ohun tí mo ti sọ.

Kí o tún mọ iye tí àpótí kékeré ń gbà lọ́wọ́ aṣọ. Òkè márùn-ún fún ọjọ́ márùn-ún túmọ̀ sí pé ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò di fífọ̀ ní bíi ìgbà 50 lọ́dún. Ojú kọ́là funfun ni yóò kọ́kọ́ gbó, o sì lè nílò láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 80. Má ṣe wọ ọ̀kan ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, jẹ́ kó gbé ọjọ́ kan lórí ìkọ́. Bí o bá ń lọ̀ ọ́, fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rin díẹ̀ sáàárín rẹ̀ àti áyọ́ọ̀nù, nítorí irin gbígbóná tó kan eérú tàbí dúdú ní tààrà ló ń sọ ọ́ di dídán, bí àga ṣe ń sọ ọ́ dà díẹ̀díẹ̀.

Bàtà kò sí nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni báàgì àti bẹ́líìtì kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe mú bàtà ní ìkẹyìn nínú owó tí o ní. Méjì ni kí o ní, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ dúdú. Awọ máa ń mu òógùn ẹsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, òru kan kò sì tó fún un láti gbẹ. Bàtà tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ ń rà láti inú wá, yóò sì ya níbi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀. Bí méjì bá ń gba ara wọn láyè, wọn yóò pẹ́ ju bí o bá wọ ọ̀kan gbó kí o tó ra èkejì.

Ní ti gáùn aláwọ̀ ewé, dúró pẹ̀lú rẹ̀ níwájú dígí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì eérú náà lọ́jọ́ tí o bá gbà á, kí o sì jókòó. Bí etí rẹ̀ bá gòkè ju ìbú ọwọ́ kan lọ sókè orúnkún nígbà tí o bá jókòó, mú un wá fún aránṣọ kí ó wò bóyá aṣọ wà nínú ìṣẹ́tí rẹ̀ tó ṣeé tú sílẹ̀. Bí kò bá sí, fi ṣẹ́ẹ̀tì kẹfà dípò rẹ̀, èyí tí yóò fún ọ ní ìmúra mẹ́fà sí i dípò méjì, tí yóò sì jẹ́ kí o ní aṣọ mímọ́ kan lọ́wọ́ bí òjò bá ba Sátidé kan jẹ́.